Ẹ̀wà Ni, Kì í Ṣe Ẹwà: Àyẹ̀wò Irú Lẹ́tà fún Orúkọ Ọjà

Bí ènìyàn bá kọ “ẹwa” sára àpò láìfi àmì ohùn kankan sí i, ohun mẹ́ta ni ó lè jẹ́. Ó lè jẹ́ ẹ̀wà tí à ń sè jẹ, ó lè jẹ́ ẹwà tí ojú ń wò, ó sì lè jẹ́ ẹ̀wá tí í ṣe iye ìka ọwọ́ wa méjèèjì. Ẹni tó gbé àpò náà dání kò ní ṣì í kà, nítorí ó ń fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ọjà kì í dúró sára àpò nìkan. Ó ń lọ sórí ìwé ìléwọ́, sórí rìsíìtì, sára ọkọ̀ tó ń kó ọjà, àti sójú fóònù, níbi tí kò ti sí hóró ẹ̀wà kan tí yóò bá a túmọ̀ ara rẹ̀. Nítorí náà, àwọn àmì tó wà lórí lẹ́tà àti èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá orúkọ náà dé gbogbo ibi tó bá ń lọ.

Irú lẹ́tà tí a fi ń kọ orúkọ bẹ́ẹ̀, èyí tí àwọn atẹ̀wé ń pè ní fọ́ǹtì, ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Àwọn kan máa ń yan fọ́ǹtì bí ìgbà tí a ń yan aṣọ àríyá: èyí tó bá dán jù ni wọ́n ń mú. Èrò tèmi ni pé, fún ọjà tó ní orúkọ Yorùbá, ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe “Ṣé ó rẹwà?” Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni “Ṣé ó lè gbé Ẹ̀?” Fọ́ǹtì tí kò bá lè gbé lẹ́tà kan ṣoṣo yìí, pẹ̀lú àmì lórí àti àmì lábẹ́, kò yẹ kí a dé orí ọ̀rọ̀ ẹwà rẹ̀ rárá.

Ṣómólú ní ìlú Èkó ni mo ti ń kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé, níbi tí ilé ìtẹ̀wé ti pọ̀ bí ewé rúmọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá kan gbé iṣẹ́ wá sí ibi tí mo ti ń kọ́ṣẹ́. Ẹ̀wà olóyin, èlùbọ́ àti gàrí ni wọ́n ń dì sínú àpò tà. Wọ́n fẹ́ kí “Ẹ̀wà Olóyin” jáde gàdàgbà sára àpò náílọ́ọ̀nù, kí ó wà pẹ̀lú àlàyé bí a ṣe ń sè é lórí bébà kékeré tí wọn yóò lẹ̀ mọ́ àpò, kí ó sì tún wà lójú fóònù fún àwọn oníbàárà tó ń ra ọjà láti ilé. Wọ́n ti gba àpẹẹrẹ kan lọ́wọ́ ayàwòrán mìíràn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n wọ́n ní ohun kan ń dà wọ́n láàmú nínú rẹ̀ tí àwọn kò mọ ohun tó jẹ́.

Àpẹẹrẹ yẹn wú mi lórí lóòótọ́. Lẹ́tà rẹ̀ dà bí ohun tí a fi búrọ́ọ̀ṣì kọ, ó nípọn ní apá kan, ó tín-ín-rín ní apá kejì, ìrù rẹ̀ sì ń ká bí ìrù ọ̀bọ. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe wò ó dáadáa, mo rí i pé “w” àti “l” nìkan ló ń ká. Lẹ́tà “Ẹ̀” dúró gbọnrangandan, ó tẹ́ẹ́rẹ́, bí àlejò tó wọ ibi ìgbéyàwó láìmú aṣọ ẹbí. Ní “Olóyin”, “ó” wà ní ìrísí tó yẹ, àmì rẹ̀ sì dúró dáadáa. Ní ti “Ẹ̀wà”, “à” náà dára. Ẹ̀ nìkan ló yàtọ̀, òun gan-an sì ni lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ náà.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Fọ́ǹtì dà bí àpótí tí a kó àwòrán lẹ́tà sí. Bí kọ̀ǹpútà bá wá lẹ́tà kan nínú àpótí náà tí kò rí i, kì í sọ fún ènìyàn. Yóò lọ yá lẹ́tà náà nínú fọ́ǹtì mìíràn, yóò sì tò ó sáàárín àwọn yòókù. Bí kò bá rí i níbikíbi, yóò ya àpótí kékeré òfìfo kan síbẹ̀. Àpótí òfìfo rọrùn láti rí. Lẹ́tà àyálò ni ó ṣòro, nítorí ó kà, ó sì péye, ṣùgbọ́n kò bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mu. Ohun tó ń da àwọn ìyá wọ̀nyí láàmú gan-an nìyẹn. Ọ̀nà láti mọ̀ ọ́n ni pé kí a kọ E lásán sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹ̀, kí a fi wọ́n wé ara wọn. Bí ìnípọn tàbí gíga àwọn méjèèjì bá yàtọ̀, a ti yá ọ̀kan níbòmíràn.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ìdí tí èyí fi ń ṣẹlẹ̀ sí Ẹ̀ tí kì í sì í sábà ṣẹlẹ̀ sí À, nítorí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ètò kan wà lágbàáyé tí wọ́n ń pè ní Unicode, tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ kí kọ̀ǹpútà gbogbo lè mọ̀ ọ́n. Nínú ètò yìí, à ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+00E0, nítorí pé àwọn ará Faransé àti ará Ítálì náà ń lò ó. Àwọn lẹ́tà wa tó ní àmì lábẹ́ náà ní nọ́ńbà: ẹ jẹ́ U+1EB9, ọ jẹ́ U+1ECD, ṣ sì jẹ́ U+1E63. Ṣùgbọ́n ẹ̀, ẹ́, ọ̀ àti ọ́ kò ní nọ́ńbà kankan tó jẹ́ tiwọn. Ohun méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lójú kọ̀ǹpútà. Bí a bá kọ ẹ̀, ẹ tó jẹ́ U+1EB9 ni a kọ́kọ́ kọ, lẹ́yìn náà ni a gbé àmì ohùn ìsàlẹ̀ tó jẹ́ U+0300 lé e lórí. Bó bá jẹ́ ẹ́, àmì ohùn òkè tó jẹ́ U+0301 ni a ó gbé lé e. Àwọn tó ń bójú tó ètò náà kò sì ní dá nọ́ńbà tuntun sílẹ̀ fún irú lẹ́tà alákànpọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe máa retí rẹ̀.

Nígbà náà, kò tó kí fọ́ǹtì ní ẹ, kí ó sì ní àmì. Ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí àmì náà yóò gúnlẹ̀ sí. Ẹni tó ya fọ́ǹtì ló ń fi èyí sínú rẹ̀: yóò fi ibi kan hàn lórí ẹ, yóò fi ibi kan hàn lábẹ́ àmì, kọ̀ǹpútà yóò sì so àwọn méjèèjì pọ̀. Bí ayàwòrán fọ́ǹtì kò bá ṣe iṣẹ́ yìí, àmì lè yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó lè bọ́ sórí lẹ́tà tó tẹ̀lé e, tàbí kí ó gún lẹ́tà ńlá lójú, nítorí pé ibi tí lẹ́tà kékeré ga dé ló gbà pé gbogbo lẹ́tà ga dé.

Ohun kan tún wà tó máa ń tan àwọn ayàwòrán jẹ. Àwọn tó ń ta fọ́ǹtì sábà máa ń kọ orúkọ àwọn èdè tí fọ́ǹtì wọn lè kọ. Bí Yorùbá kò bá sí níbẹ̀ ṣùgbọ́n tí èdè àwọn ará Fiẹtinámù wà níbẹ̀, àwọn kan yóò ní kò séwu, nítorí àwọn náà ní ẹ àti ọ. Òótọ́ ni. Èdè Fiẹtinámù ń fi àmì sábẹ́ lẹ́tà láti fi ohùn hàn, kódà ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì tó ní ẹ àti ọ ló ní wọn nítorí ti èdè yẹn. Ṣùgbọ́n àmì ohùn ni ti abẹ́ lẹ́tà jẹ́ fún wọn, nítorí náà wọn kì í tún fi àmì ohùn mìíràn sórí lẹ́tà kan náà. Ọ̀rọ̀ wọn kankan kò ní ẹ̀ tàbí ọ́. Wọn kò sì ní ṣ rárá. Fọ́ǹtì tí a ṣe fún wọn lè kọ “ọkọ” láìsí wàhálà, kí ó sì ṣubú nígbà tó bá dé orí “ọkọ̀” tàbí “ọkọ́”. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ dán fọ́ǹtì wò pé kí ó kọ “ọ̀ṣọ́”. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ní gbogbo ìdánwò náà nínú.

Gbólóhùn ìdánwò tí a lò fún iṣẹ́ àwọn ìyá náà kò ju ìlà méjì lọ. A kọ ọ́ pẹ̀lú lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré, nítorí pé fọ́ǹtì kan lè yege nínú èyí kí ó kùnà nínú ìyẹn:

```
Ẹ̀wà ẹwà ẹ̀wá Ọ̀ṣọ́ ẹ̀ṣọ́ ọkọ̀ ọkọ́ Ṣ Ń
ẸẸ̀Ẹ́ ỌỌ̀Ọ́ ẹẹ̀ẹ́ ọọ̀ọ́ ǹ ń m̀ ḿ
```

Ohun mẹ́ta ni à ń wò nínú rẹ̀: bóyá lẹ́tà kan jẹ́ àyálò, bóyá àmì kan yẹ̀ kúrò láàárín, àti bóyá a lè mọ àmì òkè yàtọ̀ sí àmì ìsàlẹ̀ bí a bá na ọwọ́ tí a fi mú bébà náà tán. Fọ́ǹtì oníbúrọ́ọ̀ṣì yẹn kùnà nínú ohun àkọ́kọ́. A fi í sílẹ̀, ó dun àwọn ìyá náà díẹ̀, a sì mú mẹ́ta tó yege jáde láti fi wéra. Gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ènìyàn lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́, ìwé àṣẹ wọn sì gba ẹnikẹ́ni láyè láti lò wọ́n fún ọjà títà.

Èkíní ni Gentium, tí Victor Gaultney yà. Orúkọ náà wá láti inú èdè Látìn, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni “ti àwọn orílẹ̀-èdè”. Lẹ́tà rẹ̀ ní ẹsẹ̀ kéékèèké bíi ti inú ìwé ìtàn, àmì rẹ̀ sì gúnlẹ̀ dáadáa bí ẹni pé ọwọ́ ènìyàn ló gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn síbẹ̀. Fún ìwé ewì tàbí ìwé àlọ́, n kò rò pé mo ti rí èyí tó wù mí jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ìlà rẹ̀ tín-ín-rín ní àwọn ibì kan, àpò náílọ́ọ̀nù kò sì ní àánú fún ìlà tín-ín-rín. Irú kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n dìídì mú nípọn díẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Gentium Book, fún ibi tí ìtẹ̀wé kò bá dára tó. Ìyẹn ran bébà lọ́wọ́, kò tó fún náílọ́ọ̀nù.

Èkejì ni Andika. Ọ̀rọ̀ Swahílì tó túmọ̀ sí “kọ̀wé” ni orúkọ rẹ̀, àwọn tó ń kọ́ ìwé kíkà sì ni SIL ṣe é fún. “a” rẹ̀ àti “g” rẹ̀ dà bí èyí tí olùkọ́ ń kọ sójú pátákó, kì í ṣe èyí tó ní ìlọ́po méjì bíi ti inú ìwé ìròyìn. Ọmọ kíláàsì kìíní tó bá rí i lára àpò ẹ̀wà yóò mọ̀ pé lẹ́tà tí òun ń kọ ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìdí yìí. Àléébù rẹ̀ fún iṣẹ́ wa ni àyè. Wọ́n fi àyè púpọ̀ sí àárín ìlà kan àti èkejì kí àmì òkè àti àmì abẹ́ má bàa kọlu ara wọn. Ìpinnu tó dára ni fún ìwé kíkà, ṣùgbọ́n lórí bébà wa tó kéré bí àtẹ́lẹwọ́, àlàyé bí a ṣe ń se ẹ̀wà kò gba ibẹ̀ tán. Bí a bá sì fún un mọ́ra, a ti ba ohun tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é jẹ́.

Ẹ̀kẹta ni Noto Sans, tí ilé-iṣẹ́ Google ṣètò rẹ̀. Èrò wọn ni kí àpótí òfìfo tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan má ṣe tún jáde lójú ẹnikẹ́ni, èdè yòówù kó máa kọ. Bí ènìyàn bá ń wá àrà, kò ní rí i níbẹ̀. Lẹ́tà rẹ̀ lọ tààrà bí aṣọ ilé-ìwé: ó mọ́, ó bá gbogbo ara mu, kò sì sí ẹni tí yóò yípadà wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ó ní ìnípọn mẹ́sàn-án, láti èyí tó fẹ́lẹ́ bí òwú títí dé èyí tó kì bí ọ̀pá odó. Àmì abẹ́ lẹ́tà ń tóbi bí lẹ́tà náà ṣe ń nípọn sí i. Ìnípọn yìí ni a nílò jù, nítorí bí fọ́ǹtì kò bá ní èyí tó nípọn nínú ara rẹ̀, kọ̀ǹpútà yóò fi tipátipá mú un nípọn, yóò sì wú àmì náà títí yóò fi lẹ̀ mọ́ lẹ́tà.

Lẹ́yìn ìyẹn, a gbé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ síbi tí wọn yóò ti ṣiṣẹ́, nítorí ohun tó dára lójú kọ̀ǹpútà kì í ṣe ẹ̀rí ohun tí yóò jáde lára ọjà. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò àmì abẹ́ lẹ́tà kí ẹ lè rí i bó ṣe kéré tó. Àwọn atẹ̀wé ń fi póìǹtì wọn lẹ́tà, póìǹtì kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá mẹ́ta mìlímítà kan. Lẹ́tà póìǹtì 8 jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 2.8. Bí àmì abẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n yẹn, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mìlímítà 0.28 lọ. Àpò tí àwọn ìyá náà fẹ́ jẹ́ aláwọ̀ ewé, kí lẹ́tà sì jẹ́ funfun nínú rẹ̀. Lẹ́tà funfun bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí a tẹ̀. Àyè tí tàdáwà kò dé ni. Bí tàdáwà bá sì ràn díẹ̀ lórí náílọ́ọ̀nù, inú àyè yẹn ni yóò ràn wọ̀. Bó bá ràn ní ìwọ̀n mìlímítà 0.1 péré ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, mìlímítà 0.08 ló kù fún àmì náà. Ìyẹn ni pé ó ti lọ. Ẹ̀wà á di “Èwà”, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ títí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àpò yóò fi jáde.

Bí lẹ́tà bá jẹ́ póìǹtì 14, ìṣírò náà yí padà. Àmì abẹ́ yóò tó mìlímítà 0.49, bí tàdáwà bá sì jẹ 0.2 nínú rẹ̀, 0.29 yóò ṣẹ́kù, ojú yóò sì rí i. Nítorí náà, òfin tí a fi lélẹ̀ rọrùn: kò sí ọ̀rọ̀ kankan tí yóò kéré ju póìǹtì 14 lọ lára náílọ́ọ̀nù, lẹ́tà funfun kò sì ní wà níbòmíràn àfi nínú orúkọ ńlá nìkan. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké yóò jẹ́ dúdú lórí funfun. Tàdáwà yóò ràn níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ńṣe ni yóò mú àmì náà tóbi sí i. Ewu tó kù ni kí àmì àti lẹ́tà lẹ̀ pọ̀, kí àmì náà sì dà bí ìrù kékeré. Èyí kò burú tó bẹ́ẹ̀, nítorí nínú ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá àtijọ́, ìlà kúkúrú ni wọ́n ń fà sábẹ́ lẹ́tà, a sì ń kà á.

A dán ìnípọn méjì wò lára Noto Sans fún orúkọ ńlá náà. Èyí tó nípọn jù lọ, tí wọ́n ń pè ní Black, fa ojú mọ́ra láti òkèèrè, ṣùgbọ́n inú “e” rẹ̀ ti fún, àyè tó wà láàárín Ẹ àti àmì orí rẹ̀ sì ti kéré. Bold ni a mú. Àmì rẹ̀ tóbi tó láti la ìtẹ̀ kọjá, àyè rẹ̀ sì gbòòrò tó kí àmì má bàa wọnú lẹ́tà.

Wàhálà mìíràn tún wà nínú ìtẹ̀wé tí kì í ṣe ẹ̀bi fọ́ǹtì rárá. Ayàwòrán lè ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, kí ó fi ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé, kí kọ̀ǹpútà ibẹ̀ má ní fọ́ǹtì náà. Yóò yá òmíràn. Ọ̀nà àbáyọ ni kí a fi PDF tí fọ́ǹtì wà nínú rẹ̀ ránṣẹ́, tàbí kí a sọ lẹ́tà inú orúkọ ńlá náà di àwòrán kí ó tó kúrò lọ́wọ́ wa. Àwọn kan ní Ṣómólú ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú: wọn á kọ E lásán, wọn á ya ìṣo kékeré kan sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́. Ó ń jáde dáadáa lọ́jọ́ kìíní. Bí oníbàárà bá ní kí wọ́n sún ọ̀rọ̀ náà díẹ̀, lẹ́tà á sún, ìṣo á dúró síbi tó wà. Mo ti rí pátákó tí àmì abẹ́ rẹ̀ wà lábẹ́ lẹ́tà tí kò tọ́ sí.

Ojú fóònù ni ó kù. Níbẹ̀, kò sí tàdáwà tí yóò ràn, ṣùgbọ́n ohun méjì ló ń pa àmì. Èkíní ni àpótí. Bí ẹni tó ń ṣe ojú ìwé bá wọn gíga bọ́tìnnì pẹ̀lú E lásán, yóò gé orí Ẹ̀ dànù nígbà tí ọ̀rọ̀ Yorùbá bá débẹ̀. Èkejì ni ìlà tí wọ́n máa ń fà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí a lè tẹ̀. Ìlà yẹn lè gba orí àmì abẹ́ lẹ́tà kọjá, ọ á sì di o tí a fàlà sí lábẹ́. Fún èdè tí kò ní àmì abẹ́, ọ̀ṣọ́ lásán ni ìlà náà. Fún èdè tiwa, ó ń yí ọ̀rọ̀ padà. Ìlànà kúkúrú tí a fún ẹni tó ṣe ojú ìwé náà nìyí:

```css
.oruko-oja {
  font-family: "Noto Sans", sans-serif;
  font-weight: 700;
  line-height: 1.6;
  text-underline-offset: 0.3em;
}
```

Ìlà tó ní `line-height` ń fún àmì orí láyè, èyí tó ní `text-underline-offset` sì ń ti ìlà abẹ́ sísàlẹ̀ kúrò lórí àmì. A tún wo ìwọ̀n rẹ̀. Bí lẹ́tà bá jẹ́ píksẹ̀lì 16, ìyẹn àwọn ẹ̀kún iná kéékèèké tí ojú fóònù fi ń ya nǹkan, àmì abẹ́ tó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá kò tó píksẹ̀lì méjì. Fóònù tuntun lè yà á kedere. Fóònù àtijọ́, tí irú rẹ̀ sì pọ̀ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà ẹgbẹ́ náà, á sọ ọ́ di eérú. Fún ìdí èyí, a fi orúkọ ọjà sí 20 ó kéré tán.

Ibì kan sì wà lójú fóònù tí fọ́ǹtì tí a yàn kò lè dé. Bí oníbàárà bá fi orúkọ ọjà ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn nínú àtẹ̀jíṣẹ́, fọ́ǹtì fóònù ẹni tó gbà á ni yóò fi hàn. Ohun tí a lè ṣe kò ju kí a rí i pé nọ́ńbà lẹ́tà tó tọ̀nà ni a fi kọ ọ́. Láyé àtijọ́, àwọn kan ń ṣe fọ́ǹtì tó jẹ́ pé lẹ́tà mìíràn ni ènìyàn ń tẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n ti ya ẹ sí ojú rẹ̀. Lórí bébà, ẹ ló ń jáde. Bí a bá fi ránṣẹ́ sórí fóònù, ohun tí a tẹ̀ gan-an ni yóò jáde, á sì di wótowòto.

Nígbà tí a gbé àbájáde náà síwájú àwọn ìyá, alága wọn wò ó títí. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, gbogbo wàhálà yìí nítorí ìṣo kékeré? Ṣé ẹ ò lè kúkú yọ àwọn àmì náà kúrò, kí ẹ fún wa ní lẹ́tà oníbúrọ́ọ̀ṣì wa?” Mo ní, “Mà, a lè yọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ ọ́, ọmọ-ọmọ yín tó ń kọ́ ìwé kíkà yóò máa rí i lórí tábìlì lójoojúmọ́ pé báyìí ni wọ́n ń kọ ẹ̀wà. Tí olùkọ́ bá wá fi pẹ́ńsù pupa fà á nínú ìwé rẹ̀, àpò yín ni yóò fi ṣe ẹlẹ́rìí.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má fi ọmọ-ọmọ òun dẹ́rù bà òun.

Síbẹ̀, ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe ti òpè. Ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn Yorùbá ń fi àmì abẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n sì yọ àmì ohùn kúrò, àwọn òǹkàwé wọn sì ń lóye. Nínú gbólóhùn gígùn, ọ̀rọ̀ kan máa ń ran èkejì lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ ọjà kì í ṣe gbólóhùn. Ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì ni, kò sì ní alábàárìn. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti dá wà ni àmì ti wúlò jù. Bí àyè kò bá sí nínú àlàyé kékeré, mo lè gbà kí àmì ohùn dín kù níbẹ̀. Nínú orúkọ, n kò lè gbà á.

Ìdájọ́ mi nìyí. Noto Sans Bold ni ó tọ́ fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé òun nìkan nínú àwọn mẹ́ta ló kọjá lórí náílọ́ọ̀nù, lórí bébà kékeré àti lójú fóònù láìpàdánù àmì kan. Kì í ṣe pé ó rẹwà jù. Kò ní ohùn tirẹ̀, ẹni tó bá rí i kò ní sọ pé “ti àwọn ìyá wa nìyẹn” kí ó tó ka ohun tó wà níbẹ̀. Àwòrán ìkòkò àti àwọ̀ ewé àpò náà ni yóò bá wa sọ ìyẹn. Fọ́ǹtì tí yóò ká bí ìrù ọ̀bọ, tí yóò sì tún gbé Ẹ̀ dúró dáadáa ni ohun tó yẹ kí àwọn ayàwòrán Yorùbá yà fún wa. Iṣẹ́ náà kò ju lẹ́tà mélòó kan lọ: ẹ, ọ, ṣ, lẹ́tà ńlá wọn, àmì ohùn méjì, àti ibi tí àmì kọ̀ọ̀kan yóò gúnlẹ̀ sí. Títí di ìgbà yẹn, n óò yan aṣọ ilé-ìwé tó bá gbogbo ara mu ju agbádá tí apá kan rẹ̀ jẹ́ àyálò lọ.